Búlútúùtù ń gbé ohùn, kì í gbé àṣẹ: bí ẹ ṣe lè fi ẹnu darí tẹlifíṣọ̀n àti dẹ́kódà

*"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra Echo Dot kan, sípíkà Amazon tó ń gbọ́ àṣẹ ẹnu, fún màmá mi, nítorí oríkèé ọwọ́ ń dùn wọ́n, rìmóòtù títẹ̀ sì ti di wàhálà. Mo fi Búlútúùtù so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n LG wa, ohùn tẹlifíṣọ̀n sì ń jáde nínú rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ tí a bá ní kó gbé ohùn sókè, tirẹ̀ ló ń gbé sókè. Tí a bá ní kó yí ìkànnì tàbí kó ṣí Netflix, ó ní òun ò mọ tẹlifíṣọ̀n kankan. Dẹ́kódà la fi ń wo ìkànnì. Kí ló kù tí mi ò ṣe?"*

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ohun tí ẹ rà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Búlútúùtù ń ṣe láàárín àwọn méjèèjì: ó ń gbé ohùn kúrò nínú tẹlifíṣọ̀n wá sínú sípíkà. Lójú Echo, tẹlifíṣọ̀n yín ò yàtọ̀ sí fóònù tí ẹnì kan ń gbọ́ orin láti orí rẹ̀. Kò mọ̀ pé ó ní ìkànnì, kò sì mọ̀ pé Netflix wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé fọ́lúùmù tara rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n gbé.

Mo tiẹ̀ fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ já Búlútúùtù yẹn. Ohùn tó bá gba orí rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ẹ ó rí i pé ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ti pa dé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó jáde tán. Èyí tó burú jù ni pé ariwo fíìmù á máa jáde lára ẹ̀rọ tó yẹ kó máa tẹ́tí sí màmá. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ lọ sí `Settings`, lẹ́yìn náà `Sound`, lẹ́yìn náà `Sound Out`, kí ẹ dá ohùn padà sí sípíkà tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀. Ẹ gbé Echo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé e sítòsí ibi tí màmá máa ń jókòó sí.

Ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà nìyí. Tí màmá bá pe "Alexa", Echo á gbọ́ orúkọ rẹ̀, á sì fi ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà Amazon lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa tú ọ̀rọ̀ náà sí àṣẹ. Amazon á wá fi àṣẹ náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ LG, LG ló sì máa sọ ọ́ kalẹ̀ sínú tẹlifíṣọ̀n yín. Àṣẹ kì í ti inú Echo bọ́ tààrà sínú tẹlifíṣọ̀n, bí wọ́n tilẹ̀ wà nínú yàrá kan náà. Nítorí náà, tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, LG gbọ́dọ̀ mọ̀ pé tiyín ni, Amazon náà sì gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti bá LG sọ̀rọ̀ lórúkọ yín. Apá yìí ni ẹ kò tíì ṣe.

Ẹ gbé áàpù LG ThinQ sórí fóònù, kí ẹ ṣí àkáǹtì LG níbẹ̀. Ẹ rí i pé fóònù àti tẹlifíṣọ̀n wà lórí Wáífáì kan náà, kí ẹ tan tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ wá sọ fún áàpù náà pé ẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ kún un. Nọ́ńbà kan á yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Tí tẹlifíṣọ̀n yín bá ti dúró sínú ThinQ, iṣẹ́ ti dé ìdajì. Tí ThinQ bá kọ̀ tí kò rí i rárá, tí Wáífáì sì dára, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n yẹn ti dàgbà ju ètò yìí lọ. A jẹ́ pé ẹ ó nílò ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ HDMI, mo máa dé orí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣí áàpù Alexa, ẹ lọ sí `More`, `Skills & Games`, ẹ wá `LG ThinQ`, ẹ tẹ `Enable to Use`. Á ní kí ẹ wọlé sínú àkáǹtì LG. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kọsẹ̀: wọ́n á ti fi àkáǹtì Google wọ ThinQ, wọ́n á wá fi ímeèlì mìíràn ṣí àkáǹtì tuntun níhìn-ín. Àkáǹtì méjì nìyẹn, ìkejì sì ṣófo. Alexa á wá ẹ̀rọ títí, á ní òun ò rí nǹkan kan, kò sì ní sọ ìdí fún yín. Àkáǹtì tí tẹlifíṣọ̀n wà nínú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi wọlé.

Tó bá rí tẹlifíṣọ̀n, orúkọ gígùn kan tó kún fún lẹ́tà àti nọ́ńbà ló sábà máa ń fi pè é. Ẹ yí i padà lójú ẹsẹ̀. Yorùbá kò sí nínú èdè tí Alexa ń gbọ́, nítorí náà ẹ má fi orúkọ Yorùbá sọ ọ́, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí màmá máa pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dáhùn. Ẹ fún un ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kúkurú tí ẹ̀rọ mìíràn nínú ilé ò ní. Ká ní ẹ pè é ní `big screen`. Àwọn àṣẹ tí ẹ ó kọ́kọ́ fi dán an wò nìyí:

```
Alexa, turn up the volume on big screen
Alexa, set the volume to 15 on big screen
Alexa, open Netflix on big screen
```

Ẹ kíyè sí `on big screen` tó wà níparí. Tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, tí ẹ kàn ní `Alexa, volume 5`, fọ́lúùmù Echo ni yóò yí, ohun tó ń bí yín nínú gan-an nìyẹn. Ìwọ̀n àwọn méjèèjì kò tilẹ̀ dọ́gba: Echo ń ka fọ́lúùmù láti 0 dé 10, tẹlifíṣọ̀n ń ka tirẹ̀ láti 0 dé 100. Ẹni tó bá gbàgbé tó wá sọ 10 fún tẹlifíṣọ̀n nígbà tó ń rò pé ariwo tó ga jù lọ lòun ń béèrè, á rí i pé ohùn lọ sílẹ̀ pátápátá.

Tí àṣẹ àkọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́, tí ìkejì wá kọ̀, ẹ má tún nǹkan kan ṣe. Ẹni tó kọ ètò tó so LG mọ́ Alexa ló máa ń sọ fún Alexa irú àṣẹ tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè gbà. Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan lè gba "gbé e dé 15". Àwọn mìíràn kò lè sọ ibi tí fọ́lúùmù wọn wà, "gbé e sókè díẹ̀" tàbí "rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀" nìkan ni wọ́n gbọ́. Bákan náà lọ̀rọ̀ áàpù rí. Ṣíṣí Netflix kò le, ṣùgbọ́n wíwá fíìmù kan pàtó nínú Netflix láti ẹnu Echo ju ohun tí ètò ThinQ máa ń ṣe lọ. Tó bá jẹ́ pé irú èyí ni màmá fẹ́ràn jù, Fire TV Stick tí wọ́n ń kì bọ ihò HDMI ló bá Echo mu jù, torí iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Nínú áàpù Alexa, `Settings`, `TV & Video` ni wọ́n ti ń so wọ́n pọ̀. Ó tún dáa fún tẹlifíṣọ̀n tí ThinQ kò mọ̀. Ẹ ó kàn rántí tan `SIMPLINK` lórí tẹlifíṣọ̀n LG, kí Stick lè máa tan tẹlifíṣọ̀n láti ojú wáyà HDMI.

Ọ̀rọ̀ títan tẹlifíṣọ̀n yìí ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ẹ lè dán an wò lálẹ́, kó kú, kó tún tàn, kí inú yín dùn. Tó bá di àárọ̀, màmá á pè é títí, kò ní dáhùn. Ìdí ni pé tẹlifíṣọ̀n tó ti sùn pẹ́ máa ń pa Wáífáì ara rẹ̀ láti fi iná pamọ́, LG ò sì ní rọ́nà bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Nínú `Settings`, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Turn on via Wi-Fi` sí, kí ẹ tàn án. Ibi tó wà yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún. Lórí àwọn kan ó wà lábẹ́ `TV On With Mobile`, lórí àwọn tó pẹ́ díẹ̀ `Mobile TV On` ni wọ́n ń pè é. Ẹ má gbà pé ó ti ṣeé ṣe àfi tí ẹ bá dán an wò lẹ́yìn tó ti kú mọ́jú.

Ó kù ìkànnì, òun ló sì le jù, nítorí ìkànnì yín kò sí nínú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ẹ bá ń wo dẹ́kódà, ojú lásán ni tẹlifíṣọ̀n jẹ́. Àwòrán ń gba wáyà HDMI wọlé, dẹ́kódà ló mọ ìkànnì tó wà lórí rẹ̀. Àṣẹ `change channel` tí Alexa bá fi ránṣẹ́ sí LG, ìkànnì ti tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ló wà fún, èyí tí áńtẹ́nà ń gbé wá. Ohun tí ẹ ó rí ni pé tẹlifíṣọ̀n á fò kúrò lórí HDMI, ojú rẹ̀ á dúdú tàbí kó kọ ọ́ pé kò sí àmì kankan. Tí ẹ bá rí èyí, kì í ṣe pé Alexa kò gbọ́ yín. Ó gbọ́, ẹni tí kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà ló bá sọ̀rọ̀.

Dẹ́kódà fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí àṣẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èdè kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbọ́ ni èdè rìmóòtù. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí ni rìmóòtù ń tàn sí i, tó ń ṣẹ́jú bí ẹgbẹ̀rún 38 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan sì ní bí tirẹ̀ ṣe ń tàn tó ń kú. Echo Dot kò ní gílóòbù tó lè tan irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó nílò ẹ̀rọ kékeré kan tó máa gba àṣẹ lórí Wáífáì, tó máa wá tàn án sí dẹ́kódà bíi rìmóòtù. BroadLink RM4 mini jẹ́ ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, àpẹẹrẹ tí màá sì bá lọ nìyẹn.

Kí ẹ tó ná owó sí i, ẹ dán rìmóòtù dẹ́kódà yín wò. Ẹ ṣí kámẹ́rà iwájú fóònù, èyí tí ẹ fi ń ya ara yín. Ẹ kọ orí rìmóòtù sí i, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ elésè àlùkò kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú fóònù, bẹ́ẹ̀ ojú yín lásán kò rí i, ìmọ́lẹ̀ tí mo ń sọ nìyẹn. Tí kò bá sí nǹkan kan, ẹ fi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan dán kámẹ́rà náà wò, kí ẹ lè mọ̀ bóyá kámẹ́rà ni kò lè rí i. Tí ti ẹlòmíràn bá hàn, tí ti dẹ́kódà yín kò hàn, á jẹ́ pé afẹ́fẹ́ rédíò tàbí Búlútúùtù ni rìmóòtù yẹn ń lò. Ẹ̀rọ onímọ́lẹ̀ kò ní ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, ẹ má rà á.

Ká ní ìmọ́lẹ̀ hàn. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà síbi tó ti ń wo iwájú dẹ́kódà, torí ìmọ́lẹ̀ yìí kò lè gba inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kọjá. Áàpù BroadLink ló máa gbé e sórí Wáífáì. Wáífáì 2.4 GHz nìkan ló mọ̀; tí ráútà yín bá ní 5 GHz pẹ̀lú, tí fóònù sì wà lórí 5 GHz, áàpù á máa yí ṣáá ni, kò ní parí. Ẹ gbé fóònù sórí 2.4 GHz kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó kọ́ bọ́tìnnì lára rìmóòtù gidi: ẹ sún rìmóòtù mọ́ ọn, ẹ tẹ bọ́tìnnì fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó gbà á, kí ẹ tó bọ́ sórí èyí tó kàn. Láti 0 dé 9 kò ṣeé fò, ẹ fi bọ́tìnnì ìkànnì sókè àti ìkànnì sílẹ̀ kún un. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ pẹ́, á gbà á bí ẹni pé ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, tó bá wá di ìgbà tí ẹ ní kó tẹ 2, dẹ́kódà á rí 22.

Mo rọ̀ yín kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kí màmá máa pe nọ́ńbà ìkànnì. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá pe 254. Ẹ̀rọ á tan 2, á tan 5, á tan 4. Tí àlàfo àárín wọn bá pọ̀ jù, dẹ́kódà á rò pé ìkànnì 2 tàbí 25 lẹ fẹ́, á sì bá a lọ. Tí wọ́n bá sún mọ́ra jù, á gbé ọ̀kan mì, 24 á jáde. Nínú áàpù BroadLink, ẹ fúnra yín lè tò wọ́n sínú ohun tí wọ́n ń pè ní `Scene`: 2, ẹ dúró díẹ̀, 5, ẹ dúró díẹ̀, 4. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ máa wo nọ́ńbà tó ń yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Tí èyí tó gbẹ̀yìn kò bá bá wọn dé, ẹ dín àlàfo kù. Tí ọ̀kan bá sọnù láàárín, ẹ fi kún un. Nígbà tó bá gba 254 láìṣì, ẹ fún `Scene` náà lórúkọ, ẹ lọ tan `BroadLink` nínú `Skills & Games` bí ẹ ṣe ṣe ti LG, kí ẹ ní kí Alexa wá ẹ̀rọ.

Ibi tí màmá á ti gbádùn rẹ̀ nìyí. Nínú áàpù Alexa, ẹ lọ sí `More`, `Routines`, ẹ dá tuntun kan sílẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn tí màmá máa sọ síbẹ̀, ká ní `news time`, ẹ wá yan `Scene` 254 gẹ́gẹ́ bí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Látìgbà náà, `Alexa, news time` ti tó, kò sí nọ́ńbà, kò sí orúkọ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ lè ṣe ti fọ́lúùmù náà bẹ́ẹ̀: ẹ fi `too low` ṣe gbólóhùn, kí ẹ yan `Custom`, kí ẹ sì tẹ `turn up the volume on big screen` síbẹ̀ bí ẹni pé ẹ ń sọ ọ́ lẹ́nu. `Custom` kì í ju ẹyọ kan lọ nínú `Routine`, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí màmá fúnra wọn yan gbólóhùn tó rọ̀ wọ́n lẹ́nu.

Ẹ fi bọ́tìnnì tó ń tan dẹ́kódà sílẹ̀ o. Ìmọ́lẹ̀ ń lọ, kò sí ohun tó ń bọ̀: ẹ̀rọ yẹn kò mọ̀ bóyá dẹ́kódà gbọ́ tàbí kò gbọ́, Alexa á sì dáhùn pé ó ti ṣe bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan dúró síwájú rẹ̀ tó dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Fún ìkànnì, kò pa nǹkan lára, màmá á tún un sọ. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì kan náà ló ń tan ọ̀pọ̀ dẹ́kódà tó tún ń pa wọ́n. Tí ìgbà kan bá ti bọ́, gbogbo "tàn" tó bá tẹ̀ lé e á di "kú", màmá ò sì ní mọ ibi tí nǹkan ti dàrú. Ẹ jẹ́ kí dẹ́kódà máa wà ní títàn ní àkókò tí wọ́n bá ń wò ó, kí ẹ máa fi rìmóòtù tirẹ̀ pa á tí ẹ bá ń lọ sùn.

Tí nǹkan kan bá ń kọ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, `More`, `Activity`, `Voice History` ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí ohun tí Alexa gbọ́ gan-an bó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá kọ `new time` tàbí `newstime` sí ipò `news time`, ẹnu àti etí ni wọn kò bára mu, ẹ yí gbólóhùn náà padà sí ohun tí ẹ rí tó ń gbọ́. Tó bá jẹ́ pé ó gbọ́ ọ dáadáa, tí `Device is unresponsive` sì wà lábẹ́ orúkọ tẹlifíṣọ̀n nínú áàpù, tẹlifíṣọ̀n ló kúrò lórí Wáífáì, ẹ lọ wo ibẹ̀. Tó bá gbọ́, tó dáhùn, tí ìkànnì kò sì yí, ẹ tẹ `Scene` náà láti inú áàpù BroadLink pẹ̀lú ọwọ́. Tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àárín BroadLink àti Alexa ni ẹ ó tún ṣe. Tí kò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà, ibi tí ẹ̀rọ náà jókòó sí tàbí àlàfo àárín nọ́ńbà ni.

Gbogbo rẹ̀ pátá ló ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì, títí kan ti dẹ́kódà tó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú Echo. Ọjọ́ tí dátà bá tán tàbí tí ráútà bá kú, Echo kò ní lè ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má gbé rìmóòtù jìnnà sí màmá. Rìmóòtù onílẹ́tà ńláńlá tí bọ́tìnnì rẹ̀ rọ̀ tún wà tó lè kọ́ bọ́tìnnì rìmóòtù dẹ́kódà bí ti BroadLink. Marùn-ún tàbí mẹ́fà péré ni bọ́tìnnì tó wà lára irú rẹ̀, ọwọ́ tó ń dunni sì lè tẹ̀ ẹ́.